Iṣẹ́ Ti Wà Kí Ìkéde Tó Jáde

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí gbé àtẹ̀jáde kan síta. Wọ́n ní bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, àwọn fúnra àwọn ni yóò máa gbé bẹntiróòlù àti dísù lọ bá àwọn oníbàárà níbi tí wọ́n wà, láìgba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ọkọ̀ agbépo tuntun 4,000 làwọn yóò fi ṣe é, pé gáàsì CNG ni àwọn ọkọ̀ náà yóò máa lò, àti pé àwọn yóò kọ́ ibùdó tí wọn yóò ti máa rọ gáàsì yìí káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìròyìn náà dá awuyewuye sílẹ̀. Àwọn alágbàtà epo ń kùn, àwọn tó ní ọkọ̀ agbépo ń ṣàníyàn, àwọn tó ń ra epo sì ń retí kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Nínú gbogbo ariwo náà, ìwọ̀nba ènìyàn ló béèrè ohun tó yẹ kí ẹni tó ń wá iṣẹ́ béèrè: ta ni yóò wa ọkọ̀ 4,000? Ta ni yóò máa tún wọn ṣe? Ta ni yóò jókòó ti ìwé, tí yóò mọ ọkọ̀ tó wà ní Ìlọrin àti èyí tó há sí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀?

Àtẹ̀jáde yẹn kì í ṣe ìkéde iṣẹ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà.

Ká tó kà á, ó yẹ ká mọ ọ̀nà tí àyè iṣẹ́ ń gbà kọjá kó tó di ohun tí wọ́n ń gbé sínú ìwé ìròyìn. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ pinnu pé àwọn fẹ́ ṣe nǹkan tuntun. Wọn yóò wá owó rẹ̀. Bí owó bá ti dájú, ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yóò kọ iye ènìyàn tí òun nílò sílẹ̀, àwọn tó wà lókè yóò dín in kù, wọn yóò sì fọwọ́ sí ohun tó bá ṣẹ́ kù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé yẹn ni àyè iṣẹ́ ti wà. Ọ̀gá ẹ̀ka náà kò ní sáré lọ kéde rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ bi àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ bóyá wọ́n mọ ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ náà. Yóò pe ẹni tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn rí. Yóò tú àwọn ìwé ìbéèrè iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ wò. Ìgbà tí gbogbo èyí bá já sí òfo ni ìkéde ń jáde, ẹni tó sì ń dúró de ìkéde, ohun tó ṣẹ́ kù ló ń dúró dè.

Ìdí wà tí àwọn agbanisíṣẹ́ fi ń sá fún ìkéde. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, àjọ tó ń rí sí ìwọlé-jáde ní Nàìjíríà pe àwọn tó ń wá iṣẹ́ sí ìdánwò ní àwọn pápá ìṣeré káàkiri ìpínlẹ̀. Àyè tó wà kò tó 5,000. Àwọn tó fi orúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000. Wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò, títí kan ti àwọn aboyún. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kì í kó ènìyàn sí pápá ìṣeré, ṣùgbọ́n ìkéde kan ṣoṣo lè da ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé lé akọ̀wé kan ṣoṣo lórí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Akọ̀wé yẹn kò lè ka ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé bí ọ̀gá àwọn mẹ̀káníìkì bá ní, "Mo mọ ọmọ kan tó lè ṣe é," ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ètò yìí kò dára fún ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ilé-iṣẹ́, ó sì yẹ ká sọ ọ́ jáde pé kò dára. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ iṣẹ́ dójú àmì ló wà nílé nítorí pé kò sí ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí tó lè dárúkọ wọn níbi tí wọ́n ti ń yan ènìyàn. Ìròyìn ni ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ọ̀nà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbà mọ ohun tí àwọn ará inú ilé mọ̀, ní àkókò tí ó ṣì wúlò.

Ká padà sórí àtẹ̀jáde oṣù Kẹfà. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ tó ṣe pàtàkì: iye, ọjọ́, ibi, àti irú ẹ̀rọ. Iye ni ọkọ̀ 4,000. Ọjọ́ jẹ́ oṣù méjì sí ìgbà tí ìròyìn jáde. Ibi jẹ́ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí níbi tí ọkọ̀ yóò ti máa kó epo, àti gbogbo ojú ọ̀nà tí ibùdó gáàsì yóò wà. Irú ẹ̀rọ ni CNG. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni gbogbo ènìyàn rí. Ìkẹrin ni iṣẹ́ tí kò ní èrò pọ̀ sí.

Bí ènìyàn bá gbọ́ ọkọ̀ 4,000, awakọ̀ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ibẹ̀ sì ni gbogbo ènìyàn yóò sáré lọ. Ṣùgbọ́n gáàsì CNG kì í ṣe dísù. Wọ́n fún un mọ́ inú sílíńdà pẹ̀lú agbára tó tó 200 bar, nígbà tí afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò ju nǹkan bíi 2 sí 3 lọ. Páìpù tó gbé irú agbára bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi rọ́bà àti wáyà so. Mẹ̀káníìkì tó ti fi ogún ọdún tún ọkọ̀ oní-dísù ṣe ní Mushin lè mọ táyà, bíréèkì àti jíà, kó má sì mọ bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò tàbí bí wọ́n ṣe ń yẹ sílíńdà wò. Nítorí náà, ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n ṣọ̀wọ́n. Ètò CNG ti ìjọba àpapọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023 lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ti ń kọ́ àwọn mẹ̀káníìkì ní iṣẹ́ yìí. Mẹ̀káníìkì tó ka ìròyìn ní oṣù Kẹfà, tó lọ kọ́ ọ ní oṣù Keje, á ti ní ohun tí yóò fi hàn kí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ náà tó gúnlẹ̀ sí èbúté.

Lẹ́yìn mẹ̀káníìkì ni àwọn tí ìròyìn kì í dárúkọ. Ọkọ̀ tó ń gbé epo nílò ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde ní géètì, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tọpa rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tó ń kọ ìwé ìjàǹbá, ẹni tó ń bá ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò sọ̀rọ̀. Ibùdó gáàsì nílò ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ìfúngáàsì ní ọ̀sán àti ní òru, torí ẹ̀rọ náà kì í sinmi. Àwọn wọ̀nyí ni iṣẹ́ tí ọ̀gá ẹ̀ka ń fẹnu wá ènìyàn sí, nítorí pé ọ̀kan ṣoṣo tàbí méjì ló ń fẹ́ níbi kọ̀ọ̀kan.

Ìròyìn náà tún kọ́ni ní ohun kan nípa ọjọ́. Oṣù Kẹjọ kọjá, ọkọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo NUPENG ti gbé ìdaṣẹ́sílẹ̀ dìde lórí ẹ̀tọ́ àwọn awakọ̀ láti wọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá kọ̀wé ní oṣù Keje, tí kò sì gbọ́ ohunkóhun títí oṣù Kẹjọ fi parí, lè rò pé wọ́n ti ju ìwé òun nù, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ gan-an ni kò tíì ṣí. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá dá máa ń yẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kó yẹ̀ síwájú.

Bí ó ṣe ń yẹ̀ tó hàn nínú ìtàn ilé ìfọpo náà fúnra rẹ̀. Ọdún 2013 ni Dangote kéde pé òun fẹ́ kọ́ ọ. Ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ààrẹ ṣí i. Oṣù Kìíní ọdún 2024 ni dísù àkọ́kọ́ jáde, bẹntiróòlù sì di oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kọ ìwé ìbéèrè iṣẹ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣí i, torí pé ọjọ́ yẹn ni tẹlifíṣọ̀n gbé e. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀-ẹ̀rọ tí yóò darí àwọn ẹ̀rọ náà ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, wọ́n tilẹ̀ ti rán ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí Íńdíà lọ kọ́ṣẹ́. Ọjọ́ ìṣílé kọ́ ni ọjọ́ iṣẹ́. Ó ti pẹ́ jù fún àwọn kan nígbà náà, ó sì yá jù fún àwọn mìíràn. Awakọ̀ agbépo, fún àpẹẹrẹ, ṣì ní ọdún méjì láti dúró.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Aliko Dangote kéde pé òun fẹ́ sọ ilé ìfọpo náà di èyí tí yóò máa fọ mílíọ̀nù kan ó lé 400,000 àgbá epo lójúmọ́, dípò 650,000. Ẹni tó bá mọ ìtàn òkè yìí mọ bí yóò ti kà á. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀, tó ń jó irin, tó ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ ni iṣẹ́ kọ́kọ́ kàn. Ọ̀dọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ ní pólì lónìí ni ìkejì kàn.

Ìròyìn owó yàtọ̀ sí ìròyìn ilé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Moniepoint, tí gbogbo ọlọ́jà mọ ẹ̀rọ POS rẹ̀, kéde pé àwọn olùdókòwò ti fi mílíọ̀nù 110 dọ́là sí i, Google sì wà lára wọn. Wọ́n ní owó náà wà fún fífẹ ilé-iṣẹ́ náà káàkiri Áfíríkà, àti fún kíkó ìsanwó, ìfowópamọ́, pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè àti ìyánilówó sí ojú kan. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà yóò wo 110 mílíọ̀nù náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà yóò wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e.

Ìyánilówó ni ká mú. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó nílò ẹni tó lè wo ìwé ọlọ́jà kan kó sọ bóyá yóò san án padà. Ó nílò ẹni tó ń lọ sí ìsọ̀ lọ wo bí ọjà ṣe ń lọ. Ó nílò àwọn tó ń gba gbèsè, àti àwọn tó ń rí i pé òfin báǹkì àpapọ̀ kò ṣẹ̀. Obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún ní báǹkì kékeré kan ní Ìbàdàn, tó ń lọ láti Bódìjà dé Ọjà Ọba lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ wo àwọn tó yáwó, lè máà rò pé ilé-iṣẹ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílò òun. Irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n nílò, ọ̀rọ̀ tó sì fi í hàn wà nínú ìròyìn owó náà. Pàṣípààrọ̀ owó náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀: ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ fi ń fowó ránṣẹ́ sílé. Oṣù mẹ́fà ló wà láàárín ìròyìn àti iṣẹ́ tuntun yẹn.

Ó tún yẹ ká ṣọ́ra fún iye owó tí ìròyìn ń dá. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń lọ sí orí òṣìṣẹ́. Nígbà mìíràn, apá kan nínú owó tí wọ́n kéde ni wọ́n fi ń ra ìpín àwọn olùdókòwò àtijọ́ padà, nígbà mìíràn gbèsè ni, nígbà mìíràn wọn yóò ná an díẹ̀díẹ̀ fún ọdún méjì. Ibi tó dára jù láti mọ̀ ọ́n ni ìwé tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi síta fún ìjọba, torí ìwé yẹn kì í ṣe ìpolówó. Nígbà tí báǹkì àpapọ̀ pàṣẹ ní oṣù Kẹta ọdún 2024 pé kí àwọn báǹkì ńláńlá fi kún owó ìpìlẹ̀ wọn, títí dé 500 bílíọ̀nù náírà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ dé òkèèrè, ọ̀pọ̀ báǹkì lọ ta ìpín tuntun. Ìwé tí wọ́n fi tà á gbọ́dọ̀ ní ojú ewé tó sọ ohun tí wọn yóò fi owó náà ṣe: èló fún ẹ̀ka tuntun, èló fún kọ̀ǹpútà, èló fún yíyánilówó. Àwọn tó fẹ́ ra ìpín ló ń kà á. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ní báǹkì kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Companies House ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀rọ ayélujára, láìgba kọ́bọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ìpín tuntun fún olùdókòwò gbọ́dọ̀ fi ìwé tó ń jẹ́ SH01 ránṣẹ́ láàárín oṣù kan. Ìwé náà lè wà níbẹ̀ kí oníròyìn kankan tó gbọ́. Ní Amẹ́ríkà, irú rẹ̀ ni Form D, èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àjọ SEC láàárín ọjọ́ 15 lẹ́yìn títa àkọ́kọ́. Ó kan Èkó náà, torí pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ tó wà ní Yábàá àti Lẹ́kìí ló fi orúkọ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Delaware.

Ní Nàìjíríà, ìwé tó wúlò jù, tí àwọn tó ń wá iṣẹ́ kì í sì í ṣí, ni èyí tó jẹ mọ́ àyíká. Òfin ọdún 1992 sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ kọ́ ohun ńlá gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ohun tí yóò ṣe sí ilẹ̀, omi àti àwọn ará ìlú. Bí wọ́n bá ti kọ àbájáde rẹ̀ tán, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká máa ń gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú lè kà á, wọ́n sì máa ń fi ìkìlọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ìkìlọ̀ yẹn kéré, ó máa ń wà láàárín ìkéde òkú àti ìkéde àyípadà orúkọ. Nínú rẹ̀ ni orúkọ ilé-iṣẹ́, ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́, ìlú tó wà, àti àwọn ọ́fíìsì tí ènìyàn ti lè lọ ka odindi ìwé náà.

Ká mú ọmọkùnrin kan tó kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní pólì, tó ń gbé ní Ọ̀tà, tó sì rí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ilé-iṣẹ́ oúnjẹ tuntun kan ní agbègbè rẹ̀. Ìwé náà wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò Ọ̀tà, ó sì lọ kà á. Kò nílò láti ka gbogbo rẹ̀. Orí tó ṣàpèjúwe iṣẹ́ náà ló ń wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ irú ẹ̀rọ tí wọn yóò lò, bóyá gáàsì ni yóò máa fún wọn ní iná tàbí jẹnẹrétọ̀ oní-dísù, àti lọ́pọ̀ ìgbà iye òṣìṣẹ́ tí wọ́n rò pé àwọn yóò gbà nígbà ìkọ́lé àti lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ orúkọ àwọn ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ó padà sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó bá rí nípa wọn.

Kò tíì yá láti kọ̀wé. Láti ìgbà tí irú ìwé yìí bá jáde, ó lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí oúnjẹ àkọ́kọ́ tó jáde. Ohun tó kù ni kó máa wo ilẹ̀ náà. Ọgbà ni wọ́n kọ́kọ́ ń mọ. Ẹ̀ṣọ́ àti ẹni tó ń tọ́jú ẹrù ni wọ́n ń gbà ní àkókò yẹn, torí pé símẹ́ńtì àti irin ti ń wọlé, akọ̀wé ìṣirò owó sì máa ń tẹ̀lé wọn láìpẹ́. Lẹ́yìn òrùlé ni kọ̀ǹténà ẹ̀rọ ń dé. Ọjọ́ tí kọ̀ǹténà bá dé ni ọjọ́ oníṣẹ́ iná. Àwọn tó ta ẹ̀rọ náà yóò rán ènìyàn wá láti òkèèrè wá tò ó, wọn kò sì ní dúró ju oṣù díẹ̀ lọ. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó gbọ́n yóò fẹ́ kí àwọn tí yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tò ó, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan gbà. Àwọn tí yóò máa dúró ti ẹ̀rọ lójoojúmọ́ kò ní dé títí di ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ta ọjà àti àwọn awakọ̀ ló máa ń kẹ́yìn.

Nítorí náà, ní ọjọ́ tó rí kọ̀ǹténà, ọmọkùnrin wa lọ sí géètì. Kì í ṣe ìwé ló kọ́kọ́ nà síwájú. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ọ̀gá tó ń rí sí ẹ̀rọ níbí?" Bàbá náà lè dárúkọ ọ̀gá, ó sì lè dárúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn tó gba iṣẹ́ náà ṣe. Méjèèjì wúlò. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kì í gba òṣìṣẹ́ wọn fúnra wọn. Wọ́n ń gbé e fún agbaṣẹ́ṣe tó ń kó ènìyàn wá, ẹni tó bá ń kọ̀wé sí orí ilé nígbà tí àyè wà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe lè kọ̀wé títí kó má rí èsì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ilé-iṣẹ́ ti bá àwọn ará ìlú ṣe àdéhùn pé ọmọ àdúgbò ni wọn yóò fi ṣáájú, orúkọ sì ń gba ọwọ́ baálẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò kọjá. Ọ̀rọ̀ kan ní géètì ló ń sọ èyí tó jẹ́.

Lẹ́tà tó kọ kò kọjá ojú ewé kan. Ọ̀gá ẹ̀rọ ló kọ ọ́ sí, kò kọ ọ́ sí ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́. Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, ó sọ pé òun mọ̀ pé irú ẹ̀rọ báyìí ni wọ́n ń tò níbẹ̀, pé òun ti tọ́jú mọ́tò àti pánẹ́ẹ̀lì irú rẹ̀ níbi tí òun ti ṣe ìdánrawò. Nínú èkejì, ó ní ilé òun kò jìnnà, pé òun lè wá bí iná bá kú láàárín òru. Nínú ẹ̀kẹta, ó béèrè bóyá wọ́n ti ní àwọn tí yóò wà níbẹ̀ nígbà ìtòpọ̀. Kò sọ ìtàn ìyà rẹ̀, kò sì ní kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá wà. Ẹni tó sọ pé iṣẹ́ èyíkéyìí ni òun ń wá kò rọrùn láti ràn lọ́wọ́, torí ọ̀gá tó ń kà á kò mọ ibi tí yóò fi í sí. Orúkọ iṣẹ́ kan pàtó ń rán ọ̀gá náà létí àlàfo tó wà níwájú rẹ̀ gan-an.

Ìròyìn kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sáré tẹ̀lé. Gómìnà àti àlejò láti òkèèrè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n dá iye iṣẹ́ tí yóò wá. Ìwé àdéhùn yẹn kì í sábà de ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni bóyá wọ́n dárúkọ ilẹ̀ gan-an, bóyá wọ́n sọ ibi tí owó ti wá, bóyá wọ́n sì ti gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe kan. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ènìyàn kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Èyí tó jẹ́ òótọ́ náà lè dà rú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, Twitter kéde pé Gánà ni òun yóò fi ọ́fíìsì òun àkọ́kọ́ ní Áfíríkà sí, inú sì bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Àwọn kan gba iṣẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ọ́fíìsì Àkúrá ṣí, tí ilé-iṣẹ́ náà sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n lé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn. Ìròyìn títà ilé-iṣẹ́ ti wà níta fún oṣù púpọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ìròyìn wá iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa ka ti ilé-iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn tó bá ti gbà á.

Àwọn jìbìtì náà ń ka ìròyìn. Kété tí ìròyìn ìmúgbòòrò bá jáde ni ìwé ìkéde irọ́ ń kún orí WhatsApp, pẹ̀lú àmì ilé-iṣẹ́ lórí rẹ̀ àti nọ́ńbà tí wọ́n ní kí ènìyàn sanwó fọ́ọ̀mù sí. Ilé-iṣẹ́ Dangote fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ léraléra nípa irú rẹ̀. Ẹni tó bá ń béèrè owó fọ́ọ̀mù, owó àyẹ̀wò ara tàbí owó aṣọ iṣẹ́ kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀, olè ni, kódà bó bá mọ orúkọ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà.

Bí ọmọkùnrin Ọ̀tà kò bá rí èsì, kò yẹ kó pa fáìlì náà tì. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tuntun máa ń fi ọ̀sán nìkan bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń dán ọjà wò ni. Bí ọjà bá tà, láàárín oṣù díẹ̀ sí ọdún kan, wọn yóò fi ti òru kún un, ìgbà yẹn ni wọ́n nílò ìlàjì òṣìṣẹ́ mìíràn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oníṣẹ́ iná kan fún òru sì jẹ́ dandan. Wọn kì í sábà kéde èyí rárá, torí kì í ṣe ìròyìn fún ẹnikẹ́ni. Bọ́ọ̀sì ló ń sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ géètì náà ní aago méje alẹ́ pẹ̀lú ènìyàn nínú rẹ̀, ó lè tún lẹ́tà yẹn kọ, kó fi kún un pé òun lè ṣiṣẹ́ òru.